Ewé wo lèyí? Seek, iNaturalist, PlantNet àti Google Lens lọ́wọ́ ará Òṣogbo

Nígbà ọyẹ́, ọmọ àbúrò mi ṣa ewé gbígbẹ kan wá láti ẹ̀yìnkùlé wọn ní Òkè-Fìà. Ewé náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó sì la ìka márùn-ún. Ọmọ náà ti ya fọ́tò rẹ̀, áàpù orí fóònù rẹ̀ sì ti sọ orúkọ fún un: mépù, igi ilẹ̀ olótùútù tí àwọn ará Kánádà ya ewé rẹ̀ sára àsíá wọn. Áàpù yẹn ní ó dá òun lójú, ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá mi tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò tilẹ̀ wo fóònù. Wọ́n gba ewé, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Arère mà rèé. Pákó rẹ̀ ló wà lókè àjà yín yẹn."

Mi ò ní dárúkọ áàpù tó pe arère ní mépù, torí pé mo ti rí i pé gbogbo wọn ló lè ṣe irú ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra ni bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí wọn ò bá mọ nǹkan. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé èwo ni kí àwọn gbé sórí fóònù. Mẹ́rin ni mo ti lò, owó kọ́ la ó sì fi yàn nínú wọn, torí ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, àfi dátà tí wọ́n ń jẹ. Ohun mẹ́ta ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Èkíní, tí kò bá mọ orúkọ, ṣé á gbà pé òun ò mọ̀? Èkejì, ṣé ó ń fún mi láyè láti fi èèpo, òdòdó àti èso hàn án, àbí ewé kan ṣoṣo ló fẹ́ rí? Ẹ̀kẹta, ṣé èèyàn kankan wà lẹ́yìn orúkọ tó dá? Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọ arère di mépù, torí òun ló máa jẹ́ kí ìwọ̀n yìí yé yín.

Ohun tí áàpù ń rí

Nọ́ńbà ni fóònù ń rí, kì í rí ewé. Áàpù á kọ́kọ́ sún fọ́tò yín kì, á sọ ọ́ di àwòrán kékeré onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ igba sí ọ̀ọ́dúnrún tó-tò-tó, ìyẹn àmì àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán. Tó-tò-tó kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta: pupa rẹ̀ mélòó, àwọ̀ ewé rẹ̀ mélòó, búlúù rẹ̀ mélòó. Níbi sísún kì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń sọnù. Irun wínníwínní ẹ̀yìn ewé ò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ewé yẹn ni ìyá mi yí wò.

Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ áàpù, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì, á máa yẹ àwọn nọ́ńbà yìí wò ní ìpele-ìpele. Ìpele ìsàlẹ̀ ń wá ibi tí àwọ̀ kan ti pàdé òmíràn, ìyẹn etí ewé. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ń wá ìlà tó jọ iṣan ewé, ihò, àti bí ara ewé ṣe rí. Àwọn tó ga jù ń kó gbogbo rẹ̀ jọ: ohun tó la ìka, tí iṣan rẹ̀ ti ibì kan ṣoṣo tàn ká. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé mépù la ìka. Wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́tò tó ti ní orúkọ síwájú rẹ̀, ó ń méfò, wọ́n ń fi ibi tó ti ṣì hàn án, ó ń tún nọ́ńbà inú ara rẹ̀ ṣe, títí àṣìṣe fi dín kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Áàpù á fún orúkọ kọ̀ọ̀kan *tó mọ̀* ní máàkì, á wá sọ àwọn máàkì yẹn di ìpín nínú 100. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí mo fúnra mi yàn ṣe é. Ká ní ewé ọmọ yẹn gba 4 lábẹ́ mépù, 2 lábẹ́ igi òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Liquidambar, 1 lábẹ́ làrà. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà kan tó jẹ́ 2.718 sókè ní iye ìgbà tí máàkì bá sọ, kí wọ́n wá fi àpapọ̀ pín in:

```
mépù         54.6 / 64.7  = 84%
Liquidambar   7.4 / 64.7  = 11%
làrà          2.7 / 64.7  =  4%
```

Ẹ fi arère kún un, kí ó gba 5, kí gbogbo ìyókù dúró sí bí wọ́n ṣe wà:

```
arère       148.4 / 213.1 = 70%
mépù         54.6 / 213.1 = 26%
```

Fọ́tò kan náà ni, máàkì mépù ò yí padà, síbẹ̀ mépù já láti 84 sí 26. Ìyẹn ni pé 84 yẹn ò sọ fún wa pé ewé yìí jọ mépù gan-an. Ohun tó ń sọ ni pé nínú àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, mépù ló jọ ọ́ jù. Tí arère ò bá sí lórí bẹ́ǹṣì, ìpín tirẹ̀ ò ní ṣòfò, ẹlòmíràn ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tí áàpù bá ní ó dá òun lójú.

Kí ló wá dé tí arère ò fi sí lórí bẹ́ǹṣì? Arère ò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Káfíńtà tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó wọ́n ni fọ́tò rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn áàpù yìí ti wá, nítorí náà ohun tó wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa lè jẹ́ ọ̀wọ́n lójú áàpù. Igi tó wá wọ́n nínú igbó fúnra rẹ̀, ìyà rẹ̀ di méjì.

Àwọn tó tilẹ̀ ráyè wọlé pẹ̀lú fọ́tò díẹ̀ tún ní ìṣòro tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo lè ti ya gbogbo fọ́tò náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lórí ilẹ̀ pupa kan náà. Áàpù á wá kọ́ ilẹ̀ pupa mọ́ ewé. Ohun tí mo fi ń mọ̀ ni pé mo máa ń ya ewé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lórí ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lórí bébà funfun. Tí orúkọ bá yí padà, ilẹ̀ ló ń wò.

Seek

Àwọn tó ni iNaturalist ló ṣe Seek, ó jáde ní 2018. Ẹ ò nílò láti forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán, ó lè dárúkọ nǹkan láìsí dátà, èyí tó dára fún inú igbó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Ó ń gba àyè lórí fóònù, torí pé ọpọlọ rẹ̀ wà nínú fóònù yín gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Tí ẹ bá na kámẹ́rà sí nǹkan, ó ń lọ láti orí "irúgbìn ni" títí dé agbo ilé, dé ojúlé, kó tó dé orí orúkọ ẹni náà gan-an. Ibi tí kò bá ti dá a lójú mọ́, ibẹ̀ ló ń dúró. Bíi kí èèyàn pàdé ọmọ kan lọ́jà, kó ní, "Mi ò mọ orúkọ rẹ, àmọ́ ojú agbo ilé yín wà lára rẹ." Fún arère, ìdáhùn tó péye tí mo lè retí lọ́wọ́ áàpù tí kò mọ̀ ọ́n ni Malvaceae, agbo ilé ilá, ewédú, kòkó, obì àti àràbà. Ẹ fi wé mépù, tó kó o lọ sí Sapindaceae, agbo ilé iṣin. Orúkọ agbo ilé tó tọ̀nà wúlò ju orúkọ ẹni tó ṣìnà lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí èèyàn kankan nídìí rẹ̀. Bí ó bá ṣì yín lọ́nà, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Bákan náà, òkè àtẹ̀gùn ni àwọn ọmọdé ń wò, inú wọn kì í dùn tó bá dúró ní ìdajì. Wọ́n á máa yí fóònù títí yóò fi sọ orúkọ kan. Mo ti rí i pẹ̀lú ọmọ tiwa, bó ṣe ń wá igun tí áàpù yóò ti gbà fún un. Orúkọ tó bá jáde lẹ́yìn irú ìyí bẹ́ẹ̀, ẹ má kà á sí.

iNaturalist

Níbí ni mo máa pẹ́ sí. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Berkeley ló bẹ̀rẹ̀ bí iNaturalist ní 2008. Ní 2017 ni wọ́n fi ọpọlọ tó ń dá fọ́tò mọ̀ kún un. Kí irú kan tó lè wọ inú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọpọlọ yìí, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí 100 fọ́tò. Ohun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, áàpù ò ní lè pe orúkọ rẹ̀ rárá, bó ti wù kí fọ́tò yín dán tó. Ó lè pe orúkọ ojúlé rẹ̀, tí ojúlé yẹn bá ní fọ́tò tó.

Ó tún ń wo ibi tí ẹ wà. Tí lokéṣọ̀n fóònù yín bá wà ní títàn, á sọ èyí tí ó ń retí ní àgbègbè yín, *Expected Nearby* ni wọ́n kọ sí i lójú fóònù. Èyí ni ì bá ti gba ọmọ àbúrò mi sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń retí mépù ní Òkè-Fìà. Àmọ́ idà olójú méjì ni. Ohun tí kò tíì sí ẹni tó yà á ní ìtòsí wa rí, áàpù lè rò pé kò lè sí níbí, kó tì í sẹ́yìn, kó gbé ìbátan rẹ̀ tó wọ́pọ̀ síwájú. Báyìí ni ọ̀wọ́n ṣe ń pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nídìí fọ́tò, lẹ́ẹ̀kan nídìí máàpù.

Ohun tó mú kí n máa padà síbẹ̀ ni èèyàn. Ohun tí áàpù sọ, àbá lásán ni. Ẹnikẹ́ni lè wá sọ pé rárá, nǹkan báyìí ni. Kí fọ́tò tó lè gba àmì *Research Grade*, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dá sí i lọ tó gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí orúkọ irú náà, ẹnì kan ṣoṣo ò sì tó. Mo gbé arère wa síbẹ̀, mo sì yà á bó ṣe yẹ kí á ti yà á látìbẹ̀rẹ̀. Mo ya ẹ̀ka tí ewé wà lórí rẹ̀, torí pé ewé mépù máa ń kọjú síra wọn ní méjì-méjì lórí ẹ̀ka, ti arère ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ya etí ewé, tó dán láìsí eyín kankan. Mo ya ìdí igi tó ní ìgbátí fífẹ̀ bí ògiri. Mo ya èso.

Èso yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Èso arère ní ìyẹ́ kan gígùn tó máa ń jẹ́ kó yí bí ó bá ń jábọ́, èso mépù náà sì ní ìyẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan ya fọ́tò, ó lè tan àgbàlagbà jẹ. Ti mépù máa ń so pọ̀ ní méjì bí apá ẹyẹ tó là, ti arère lè jẹ́ ẹyọ kan títí dé márùn-ún. Ẹ ya ìdì tó ṣì wà papọ̀, kì í ṣe èyí tó ti tú.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, torí àwọn tó mọ igi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó dáhùn kọ *Triplochiton scleroxylon*, ẹlòmíràn gbà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyá mi ti sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ nílò láti forúkọ sílẹ̀, fọ́tò sì ń jẹ dátà. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Tí nǹkan bá wà nínú àwọn tó fẹ́ pòórá, iNaturalist máa ń fi ibi tí ẹ ti yà á pa mọ́, á gbé àmì sí ibikíbi láàárín àgbègbè tó fẹ̀ tó nǹkan bí ogún kìlómítà. Àmọ́ orúkọ ló ń wò kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí áàpù bá pe ọ̀wọ́n ní ìbátan rẹ̀ tó wọ́pọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe, gbogbo ayé á rí ibi tó wà. Bí nǹkan bá ṣe yín bíi pé ó wọ́n, ẹ fọwọ́ yín yí ètò náà sí *Obscured* kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

PlantNet

Irúgbìn nìkan ló mọ̀. Àwọn ilé ìwádìí ilẹ̀ Faransé ló gbé e kalẹ̀, áàpù rẹ̀ sì ti wà láti 2013. Tí ẹ bá ya fọ́tò, á béèrè pé kí lẹ yà: ewé, òdòdó, èso tàbí èèpo? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, torí ó jẹ́ kó fi èèpo wé èèpo, kì í ṣe èèpo wé òdòdó. Ẹ lè kó fọ́tò bíi mélòó kan igi kan ṣoṣo jọ, kó pa wọ́n pọ̀ dá orúkọ kan. Ẹ tún lè yan àgbègbè tí ẹ fẹ́ kó wá a sí, kí igi òyìnbó má baà dí yín lójú.

Kì í fi orúkọ kan ṣoṣo lé yín lọ́wọ́. Orúkọ ló ń tò sílẹ̀, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín rẹ̀ àti fọ́tò tí ẹ lè fi wé e. Èmi kì í wo ti àkọ́kọ́ nìkan, àlàfo ni mo ń wò. Tí àkọ́kọ́ bá gba 80 tí èkejì gba 3, mo lè fọkàn sí i díẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ 14, 12, 11, òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún yín pé òun ò mọ̀. Ẹni tó bá kà á tán láìwo nọ́ńbà, tó wá sọ pé "PlantNet ní báyìí ni", ẹ̀bi ẹni náà ni.

Ìdí tí mo fi ń gbé e lọ sí Igbó Ọ̀ṣun nìyẹn. Igbó náà, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75 tí UNESCO fi sínú àwọn ibi ajogúnbá àgbáyé ní 2005, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣẹ́ ẹ̀ka tàbí gé igi. Arère lè ga tó mítà 50. Ewé rẹ̀ wà lókè réré, èèpo àti ìdí igi ló wà ní ìwọ̀n ojú wa. Áàpù tó ń gba fọ́tò èèpo ló bá irú ibẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò èèpo tó wà nínú àpótí rẹ̀ kéré sí ti ewé àti òdòdó, tí èyí sì máa ń hàn nínú ìdáhùn rẹ̀.

Google Lens

Ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kò sì sí ohun tí kì í dá lóhùn: ewé, bàtà, àga, ìgò òògùn. Fọ́tò tó jọ tiyín ló ń wá káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó ń gbé wá sì máa ń ti ara ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀. Bí òǹtàjà kan bá kọ orúkọ tí kò tọ́ sábẹ́ ọjà rẹ̀, ẹ lè bá àṣìṣe yẹn pàdé. Kò fi ìpín kankan hàn yín, kì í sì í gun àtẹ̀gùn bíi Seek. Fún òdòdó tí gbogbo ayé ń gbìn sí iwájú ilé, ó yá ju gbogbo wọn lọ. Fún ewé igbó, mi ò lò ó mọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Olùkọ́ tó ń kó ọmọ jáde lọ wo ewé, kí ó mú Seek, kí ó sì sọ fún wọn ṣáájú pé agbo ilé náà lérè. Ẹni tó fẹ́ mọ igi inú ọgbà rẹ̀, tó lè ya èèpo, ewé àti èso, PlantNet ló bá a mu. Ẹni tó rò pé òun rí ohun tó ṣọ̀wọ́n, tó sì ní sùúrù, kí ó lọ sí iNaturalist pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin ó kéré tán. Tí orúkọ náà bá jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí, fọ́tò ò tó. Ẹ tẹ ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ sáàárín bébà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àkójọ ewé gbígbẹ ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí èyí tó wà ní ilé ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹni tó fẹ́ jẹ ewé tàbí tó fẹ́ fi ṣe àgbo, kí ó má mú ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ó lọ bá àwọn ìyá eléwé ọmọ ní Ọjà-Ọba, kí ó sì béèrè dáadáa, torí orúkọ tiwa náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Mo ra ewúro odò lọ́wọ́ ìyá kan níbẹ̀, mo sì bi wọ́n pé ṣé ewúro tó ń hù létí odò ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ewúro ilé ń di igi. Èyí ò kúrò nílẹ̀ ẹrẹ̀. Gbé e sẹ́nu kí o tọ́ ọ wò." Mo tọ́ ọ wò níwájú wọn kí n tó sanwó.